Ọṣẹ Yóko àti Aṣọ Tí Kì í Ṣe Tirẹ̀

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń ṣòwò ní Kútọnù dìde, ó sì gbé ìkòkò ike kékeré kan sókè. Ìdérí rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ wúrà, ìwé àlẹ̀mọ́ ara rẹ̀ ń dán, orúkọ òdòdó kan ní èdè Faransé sì wà lórí rẹ̀. Ó ní: "Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ọṣẹ dúdú tí wọ́n ń tà ní ọjà Yóko níbí náà ló wà nínú èyí. Ọṣẹ 200 fáráǹkì ni. Aṣọ lásán ni mo wọ̀ fún un, mo sì ń tà á ní 1.500." Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Bàbá kan tí a bọ̀wọ̀ fún fi òwe gbè é lẹ́sẹ̀ pé ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Kí a tó túká, ìpinnu ti wà nílẹ̀ pé kí ẹgbẹ́ wá owó láti ra irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ àti irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún àwọn obìnrin wa tó ń se ọṣẹ.

Èmi kò pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn ìpàdé, mo bẹ àbúrò wa náà pé kó yá mi ní ìkòkò rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́. Mo gbé e lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ físíìkì àti kẹ́mísìrì. Mo wọ̀n ọ́n, mo ṣí i, mo sì ka ohun tó wà lára rẹ̀ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo rí ló mú mi kọ àròkọ yìí. Bí ẹgbẹ́ wa bá ná owó rẹ̀ lórí wúrà yẹn, gbèsè ni a ó rà fún àwọn ìyá wa.

Ṣùgbọ́n kí n tó bá àbúrò wa jà, ẹ jẹ́ kí n fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Àwọn àgbà kan wà láàárín wa tó ń sọ pé ọjà tó bá dára yóò ta ara rẹ̀. Èyí kì í ṣe òótọ́, ó kéré tán nípa ọṣẹ. Ẹ lọ sí ọjà wa, ẹ wo bí ọṣẹ dúdú ṣe jókòó nínú agbada, ní òkìtì òkìtì. Ẹni tó fi àdín tuntun se tirẹ̀ tó sì jẹ́ kó jinná, àti ẹni tó fi òróró tó ti kan sè é, agbada kan náà ni wọ́n jọ wà. Ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tó ń rà kò mọ ọwọ́ tó sè é, nítorí náà kò ní ìdí láti san ju iye tí èyí tó burú jù lọ tọ́ sí. Báyìí ni aláìdára ṣe ń dá owó fún dáradára. Ohun tí ìdì wà fún nìyí: láti ya ọṣẹ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, kí ẹni tó rà á lónìí lè mọ èyí tí yóò tún béèrè lọ́la. Àbúrò wa rí èyí, àwa kò rí i. Ibi tí òun ti ṣìnà ni pé ó rò pé dídán ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ìkòkò. Nígbà tí mo ṣí ìdérí, omi kán sí mi lọ́wọ́. Ẹ̀kán omi kún abẹ́ ìdérí wúrà náà bí ẹni pé a dé ìkòkò ọbẹ̀ gbígbóná. Ojú ọṣẹ ti rọ̀, ó ń yọ̀, omi pupa díẹ̀ sì ti dúró létí ike. Àwọn oníbàárà rẹ̀ lè rò pé ọṣẹ náà ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Ìdì rẹ̀ ló bá a jà.

Àwọn ìyá wa mọ bí a ṣe ń ṣe é, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a rántí. Wọ́n á sun èèpo kòkó, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ìdì ẹyìn tí a ti gba ẹyìn lára rẹ̀, títí yóò fi di eérú. Wọ́n á da eérú náà sínú ìkòkò tí a lu nísàlẹ̀, wọ́n á bu omi lé e, omi eérú á sì máa kán díẹ̀díẹ̀ sínú ohun tí a fi gbè é. Omi yìí ni wọ́n á sè pọ̀ mọ́ àdín, òróró inú èkùrọ́, títí yóò fi ki tí yóò sì dì. Ohun tó wà nínú eérú ni à ń pè ní pòtásíọ̀mù. Ọṣẹ ilé iṣẹ́, sódà ni wọ́n fi ń ṣe é, ìyẹn ló fi le bí òkúta. Ọṣẹ pòtásíọ̀mù kì í le bẹ́ẹ̀ láé. Lẹ́yìn èyí, gilisẹríìnì tí àdín ń mú jáde nígbà tí a bá ń sè é ṣì wà nínú ọṣẹ wa, nítorí pé kò sí ẹni tó yọ ọ́ kúrò. Gilisẹríìnì yìí dára fún awọ ara, ṣùgbọ́n ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ìdí nìyí tí ọṣẹ dúdú fi máa ń làágùn ní ìgbà òjò, tó sì máa ń gbẹ, tó ń là, tó sì ń fún pọ̀ nígbà ọyẹ́.

Ọṣẹ tó ní irú ìwà báyìí kò lè wọ aṣọkáṣọ. Ewé gbódògì tí àwọn ìyá àgbà wa fi ń pọ́n ọn kò bẹ́wà, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ rẹ̀: kò jẹ́ kí ọṣẹ lẹ̀ mọ́ra, ó sì ń jẹ́ kó mí díẹ̀. Láti ọjọ́ ọjà kan dé òmíràn, ó tó. Ohun tí ewé kò lè ṣe ni kó tọ́jú ọṣẹ fún oṣù mẹ́fà lórí pẹpẹ ìsọ̀ ní Kútọnù. Ike lè ṣe é, bí a bá mọ bí a ṣe ń lò ó. Mo béèrè lọ́wọ́ àbúrò wa bó ṣe kún ìkòkò rẹ̀. Ó ní òun ra ọṣẹ náà ní ọjọ́ kejì tí wọ́n sè é, òun sì dé e ní kíá kí eruku má bàa wọ̀ ọ́. Gbogbo omi tó yẹ kó jáde kúrò lára ọṣẹ náà ló tì mọ́lé. Bí ọ̀sán bá mú, omi á gòkè. Bí ilẹ̀ bá ṣú, á tún kán padà.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ná wa ní fáráǹkì kan. Bí ọṣẹ bá jẹ́ rírọ̀ tí a fẹ́ rọ sínú ìkòkò, kí a jẹ́ kó tutù pátápátá, kí a fi aṣọ mímọ́ bò ó mọ́jú, kí a tó dé e. Bí ó bá jẹ́ èyí tí a fẹ́ gé, kí a gé e, kí a tẹ́ ẹ sórí àkéte tí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, níbi tí oòrùn kò dé. Kí a máa wọ̀n ẹyọ kan náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà mọ́, ó ti tó láti dì. Ní ìgbà ọyẹ́, ó lè tó oṣù kan. Ní ìgbà òjò, ó máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà náà ni ọ̀rá tó fún mọ́ ọn tàbí ìwé tí òróró kì í gbà kọjá lè wúlò, nítorí pé afẹ́fẹ́ òjò ni yóò dènà báyìí, kì í ṣe omi inú ọṣẹ ni yóò sé mọ́lé. Ìdì tó dára jù lọ lé orí ọṣẹ tútù, ìdọ̀tí ni yóò dà.

Mo wá gbé ọṣẹ náà lé òṣùwọ̀n ilé ẹ̀kọ́. Ìwé àlẹ̀mọ́ sọ pé gíráàmù 250 ni. Nígbà tí mo ti yọ ìwọ̀n ike kúrò, gíráàmù 221 ni mo rí. Mo tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta. Àbúrò wa kì í ṣe olè, mo mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tó ta ike fún un sọ pé ìkòkò 250 ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mílílítà 250 ni, ìyẹn ìwọ̀n àyè inú rẹ̀, kì í ṣe ìwọ̀n ọṣẹ. Ọṣẹ tí a fi ṣíbí kó sínú ìkòkò máa ń ní ihò afẹ́fẹ́ káàkiri nínú. Ó kún dé ẹnu lójú, kò sì pé lórí òṣùwọ̀n. Ẹni tó rà á san owó gíráàmù 29 tí kò sí níbẹ̀. Bí oníbàárà kan bá ní òṣùwọ̀n bí tèmi, irọ́ ni yóò pe gbogbo ohun tó kù lára ìwé náà, títí kan èyí tó jẹ́ òótọ́.

Ọṣẹ gígé ní ìdẹkùn tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ìyá kan gé ọṣẹ tútù ní gíráàmù 250 pérépéré, ó sì kọ 250 sí i lára. Bí ó bá gbẹ, tí ìdá 12 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀ sì bá omi lọ, 220 ló kù. Ẹni tó fẹ́ kọ 250 gbọ́dọ̀ gé e tó 285 nígbà tó wà ní tútù, kí èyí tó bá ṣẹ́ kù lè pé. Kí olúkúlùkù wọ̀n ọṣẹ tirẹ̀ kó tó mọ iye tí yóò fi kún un, nítorí omi inú ọṣẹ ìyá kan kì í dọ́gba pẹ̀lú ti èkejì. Bí ó bá sì ku díẹ̀ tó lé, kó fi ta ẹni tó rà á lọ́rẹ. Àwọn ìyá wa mọ ènì láti ayébáyé. Ènì ni kí a kọ sínú òṣùwọ̀n, kì í ṣe àbùkù.

Ẹ̀ṣẹ̀ kẹta ni ọ̀rọ̀ ẹnu ìwé náà. Ó sọ ní Faransé pé ohun àdáyébá ni 100 nínú 100, pé ó ń wo làpálàpá, pé ó ń mú awọ funfun. Mo béèrè pé kí ló wà nínú rẹ̀; àbúrò wa sọ fún mi tòótọ́tòótọ́ pé òun fi lọ́fíńdà ilé iṣẹ́ díẹ̀ kún un kó lè máa ta sánsán. Níbo ni 100 wà mọ́? Ní ti ìwòsàn, ẹni tó bá kọ pé ọṣẹ ń wo àrùn ti kúrò ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ọṣẹ, ó ti bọ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn olóògùn. Bí a bá ń lálàá pé ọṣẹ wa yóò dé Páríìsì, kí a mọ̀ pé òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù nọ́ńbà 1223 ti ọdún 2009 ń béèrè orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tí yóò dáhùn fún ọjà náà, ìwọ̀n rẹ̀, nọ́ńbà ìsè rẹ̀ àti gbogbo ohun tí a fi ṣe é, kí èyí tó pọ̀ jù ṣíwájú. Kò béèrè wúrà. Ọ̀rọ̀ awọ funfun ni ó sì dùn mí jù. A sọ ọṣẹ dúdú di ohun tí a fi ń tijú àwọ̀ dúdú.

Àbúkù tó tóbi jù lọ kì í ṣe èyí tí mo rí, èyí tí n kò rí ni. N kò rí orúkọ Yóko. N kò rí orúkọ ìyá tó sè é. Ẹ jẹ́ kí a fi iye tí àbúrò wa sọ ṣe ìṣirò. Kílò kan ọṣẹ jẹ́ 800 ní ọwọ́ ìyá náà, ó sì kún ìkòkò mẹ́rin, a kò tilẹ̀ ka àbùkù òṣùwọ̀n. Ìkòkò mẹ́rin jẹ́ 6.000. Ká sọ pé ike àti ìdérí jẹ́ 250, ìwé jẹ́ 50. Ti mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 1.200. Bí a bá yọ 800 àti 1.200 kúrò, 4.000 ló kù fún ọkọ̀, fún ìsọ̀ àti fún èrè. Nínú 800 tirẹ̀ ni ìyá ti ra àdín, tó ti ra igi, tó sì ti fara da èéfín. N kò sọ pé kí oníṣòwò má jẹun. Mo ń sọ pé orúkọ ni ó pín owó náà. Bí oníbàárà Kútọnù bá fẹ́ràn ọṣẹ yìí, orúkọ òdòdó ni yóò padà wá béèrè. Lọ́la, oníṣòwò lè ra ọṣẹ ní ìlú mìíràn kó sì lẹ orúkọ yẹn mọ́ ọn, ìyá Yóko kò ní mọ̀, oníbàárà náà kò sì ní mọ̀. Ẹni tí kò ní orúkọ lára ọjà rẹ̀, ó ń bá ẹlòmíràn kọ́lé.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Nígbà kan, gẹ̀ẹ́sì ọṣẹ gígùn ni àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ń rà. Oníṣọ̀ọ̀bù á fi ọ̀bẹ gé e, á wọ̀n ọ́n, kò sì sí ẹni tó mọ ẹni tó sè é, bí i ti agbada wa gan-an. Ní ọdún 1884, William Lever, ọmọ oníṣòwò kan ní Bolton, forúkọ Sunlight sílẹ̀ lábẹ́ òfin, ó sì ń ta ọṣẹ rẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ, a fi ìwé dì í, orúkọ sì wà lára rẹ̀. Ohun tó yẹ kí a fi ọkàn sí ni pé ní ìbẹ̀rẹ̀, ọṣẹ tí àwọn ẹlòmíràn sè ló ń lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́. Kò pẹ́ lórí èyí. Ní ọdún 1885, ó gba ilé ìsè ọṣẹ kan ní Warrington, ó ń se tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Àdín èkùrọ́, irú èyí tí etíkun tiwa ń kó ránṣẹ́, wà lára ohun tí iná rẹ̀ ń sè. Òróró jẹ́ tiwa, orúkọ jẹ́ tirẹ̀. Àbájáde rẹ̀, gbogbo wa la rí i.

Àwọn aláṣọṣẹ Màséì ní Fáránsì kò tilẹ̀ dúró de ìwé. Wọ́n ń tẹ òǹtẹ̀ sára ọṣẹ fúnra rẹ̀: orúkọ ẹni tó sè é, àti 72 nínú 100, ìyẹn ìwọ̀n òróró inú rẹ̀. Igun mẹ́rin, àwọ̀ tí kò dán, kò sí wúrà kankan; nọ́ńbà kan tí ènìyàn lè fi dá wọn lẹ́jọ́ ni ẹwà rẹ̀. Nítòsí wa, ní Èkó, ilé iṣẹ́ Tropical Naturals ń ta ọṣẹ dúdú tó ń jẹ́ Dudu-Osun nínú páálí kékeré: gíráàmù 150, orúkọ osùn, òrí, oyin, àdín àti eérú kíkọ sára rẹ̀. Orúkọ Yorùbá ni wọ́n fi ta á kárí ayé. Wọn kò fi orúkọ òdòdó Faransé bo ojú rẹ̀.

Mo mọ̀ pé wọn yóò dá mi lóhùn pé, "Olùkọ́, ẹni tó wà ní ìsọ̀ kì í ka ìwé kéékèèké, ojú ni ó fi ń rà." Mo gbà. Ojú ni à ń fi ra ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ọṣẹ kì í ṣe aṣọ ìgbéyàwó tí à ń rà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ń tán. Ti ẹ̀ẹ̀kejì, ara ni à ń fi rà á, àti ìrántí. Àbúrò wa fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ fún mi pé ìsọ̀ kan tó gba ìkòkò 24 lọ́wọ́ òun ti dá 9 padà nítorí omi abẹ́ ìdérí àti nítorí àwọ̀ ìwé tó ń ṣàn. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń fi yíǹkì olómi tẹ̀wé ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ tútù kan ṣoṣo ti tó láti pa á rẹ́. Ìwé fọtokópì dúdú lásán ìbá dúró, nítorí yíǹkì rẹ̀ kì í ṣe olómi. Ṣé ẹ rí i? Èyí tó wọ́n jù ló kọ́kọ́ bàjẹ́.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ yí ìpinnu rẹ̀ padà. Kí a má ra ìkòkò wúrà. Kí a ra òṣùwọ̀n kan tó dára, kí a gbé e sí ibi tí gbogbo àwọn tó ń se ọṣẹ lè dé. Kí a ní kí agbẹ́gilére gbẹ́ òǹtẹ̀ igi fún obìnrin kọ̀ọ̀kan, orúkọ Yóko lókè, àmì tirẹ̀ nísàlẹ̀, kó máa tẹ̀ ẹ́ sára ọṣẹ kó tó gbẹ. Òǹtẹ̀ yìí, kò sí ẹni tó lè ṣí i kúrò bí ìwé àlẹ̀mọ́. Lẹ́yìn náà ni ìdì: ìwé tí òróró kì í gbà kọjá, ìwé fọtokópì kékeré lórí rẹ̀, ní Yorùbá àti ní Faransé. Faransé nítorí oníbàárà. Yorùbá kí ìyá tó sè é, tàbí ọmọ rẹ̀ tó ń bá a kà á, lè mọ ohun tí a ń sọ ní orúkọ rẹ̀. Kí a kọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, ọjọ́ tí a sè é, ìlú tí a ti sè é. Bí àyè bá kù, kí a ya òdòdó.

Mo ti dá ìkòkò àbúrò wa padà fún un, mo sì fi ìwé kan sínú rẹ̀: gíráàmù 221. Inú bí i fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, ó wá bi mí ibi tí wọ́n ti ń ta òṣùwọ̀n. Àwọn yòókù tó pàtẹ́wọ́ ní ọjọ́ náà, èsì yín ni mò ń retí nínú ìwé yìí.